Rísẹ́ẹ̀tì: ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Ní Kétu, láti etí títì Ìkòròdú wọ inú Ìkòsí, bí sìmáátì-wọ́ọ̀ṣì bá kọ̀ tí kò dáhùn mọ́, ohun tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe sábà máa ń sọ ni pé: "Ẹ jẹ́ ká rísẹ́ẹ̀tì ẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa, n kò bá a jà. Ohun tó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ mẹ́ta ló kó sínú: ọ̀kan kì í pa nǹkan kan rẹ́, èkejì ń ṣe ẹ̀dà kó tó pa á rẹ́, ẹ̀kẹta ń pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn pé "ó dáa" kò mọ èyí tó fọwọ́ sí.

Ká mú ìyá kan tó ń ta èso ní Ìkòsí. Ó wọ Apple Watch dé ọjà láàárọ̀, ó sì fi fóònù sílẹ̀ nílé. Ní ọ̀sán, aago náà gan. Gan ni mo fẹ́ ká máa lò, kì í ṣe dì. Omi ló ń dì. Ohun tó ṣì wà lójúfò ṣùgbọ́n tí kò lè mira, ó gan ni. Gbogbo ìṣísẹ̀ tó ti rìn láti àárọ̀ ṣì wà nínú aago nìkan, nítorí ìgbà tí fóònù bá wà nítòsí ni aago ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí i.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni títún tàn tipátipá. Ẹ di bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ àti adé tó ń yí mú pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ó kéré tán, títí àmì ápù á fi yọ, kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Aago á kú, á sì jí pẹ̀lú gbogbo ohun inú rẹ̀. Ẹ má ṣe é bí aago bá ń gba àtúnṣe tuntun lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú aago tó gan ni èyí ń tó fún, ìṣísẹ̀ ìyá wa kò sì ní sọnù.

Bí aago bá ń gan léraléra, iṣẹ́ kejì ló kàn: jíjá a kúrò lára fóònù. Ẹ gbé aago àti fóònù súnmọ́ra, ẹ lọ sínú áàpù Watch, ẹ tẹ All Watches, ẹ tẹ àmì i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà, lẹ́yìn náà Unpair Apple Watch. Fóònù á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, á tó wá nu aago mọ́.

Ẹ̀kẹta ni Erase All Content and Settings, tí a ń tẹ̀ lórí aago fúnra rẹ̀, ní Settings, General, Reset. Èyí kò dúró ṣe ẹ̀dà tuntun. Bí wọ́n bá ṣe é ní ọjà nígbà tí fóònù wà nílé, ìṣísẹ̀ àárọ̀ náà ti lọ.

Báwo la ṣe máa pe iṣẹ́ yìí? Àwọn kan ń dábàá "ìtúntò ilé-iṣẹ́", ṣùgbọ́n etí Yorùbá á gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń tún tò. "Dídá padà sí bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá" gún régé ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ pátápátá: àtúnṣe tuntun tí aago ti gbà kì í kúrò, àgádágodo tó so aago mọ́ àkáǹtì olówó rẹ̀ náà kì í ṣí. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń ra tòkunbọ̀ tí wọ́n ti nù mọ́, tó wá ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹni tí kò mọ̀ rí. Jíjá láti orí fóònù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé olówó rẹ̀, ló ń ṣí i.

Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984, iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ nǹkan lórúkọ. Nítorí náà mo fara mọ́ "pípa rẹ́ pátá". Ó tún ní àǹfààní kan: ó fi "dídá padà" sílẹ̀ fún òdìkejì rẹ̀, tí í ṣe kíkó ohun tó lọ bọ̀. Bí a bá lo dídá padà fún méjèèjì, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé "a ó dá a padà" kò ní mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kó o bọ̀ ni tàbí wọ́n fẹ́ nù ún.

Dídá padà ń wáyé nígbà tí a bá tún so aago àti fóònù pọ̀: ẹ yan Restore from Backup, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ẹ̀dà, ẹ mú èyí tó dé kẹ́yìn. Ojú aago, ètò áàpù àti èdè á padà. Ìwé ìlera àti ìṣísẹ̀ àtẹ̀yìnwá á wà bí fóònù bá ṣì ní wọn. Bó bá jẹ́ fóònù tuntun ni, àfi bí wọ́n bá wà nínú iCloud tàbí nínú ẹ̀dà tí a fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì. Nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn, káàdì báńkì àti ìsopọ̀ mọ́ gbohùngbohùn etí kì í wọ inú ẹ̀dà rárá. Ọwọ́ ni a ó fi tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.