Ìlà Títọ́ Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Iye Ènìyàn Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Nàìjíríà láti 1952 sí 2006

1. Ìfáàrà

Nígbà ìkànìyàn 1952, iye ènìyàn tí a kà ní ìlú Ṣakí jẹ́ bí 23,000. Ní 1963, iye tí ìjọba gbé jáde fún ìlú kan náà jẹ́ bí 76,000. Ìsẹ́yìn, tí ó ní bí 50,000 ní ìkànìyàn àkọ́kọ́, di bí 95,000 ní èkejì. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn Òkè-Ògùn ní agbedeméjì ọ̀rúndún ogún kò lè fo àwọn iye wọ̀nyí dá, nítorí pé ẹ̀rí oníye kò pọ̀ lórí àwọn ìlú náà.

Lóde òní, ohun tí ó yá akẹ́kọ̀ọ́ lára ni kí ó tẹ irú iye bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, kí ó fi wọ́n ya àwòrán alámì, kí ó sì ní kí ẹ̀rọ fa ìlà gba àárín àwọn àmì náà. Ẹ̀rọ yóò fa ìlà, yóò sì kọ R² sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. R² kì í kéré sí 0 lórí irú ìlà yìí, kì í sì í ju 1 lọ. Fún Ṣakí, 1 gan-an ni yóò jẹ́. Bákan náà ni fún Ìsẹ́yìn. Lójú ẹni tí kò wádìí, ẹ̀rí ti pé. Ṣùgbọ́n àmì méjì péré ni ó wà lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kò sì sí àmì méjì tí ìlà títọ́ kan kò lè gba orí wọn kọjá. Bí akọ̀wé kan bá ṣèèṣì tẹ 760,000 dípò 76,000, R² yóò ṣì jẹ́ 1.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé bí àmì ti jìnnà sí ìlà tó nìkan ni R² ń wọ̀n. Kò mọ ẹni tí ó ka iye náà, kò mọ ìdí tí a fi kà á, kò sì mọ bóyá ohun kan náà ni a ń kà láti ọdún dé ọdún. Níwọ̀n bí àmì méjì kò ti tó láti dán èyí wò, a ó kọ́kọ́ lo iye gbogbo orílẹ̀-èdè, kí a tó padà sí Òkè-Ògùn.

2. Bí ìlà náà ṣe ń jáde

Ìkànìyàn mẹ́rin tí ìjọba fi ọwọ́ sí láti 1952 sí 2006 ni a ó lò: 1952 sí 1953 (tí a ó kọ ní 1953), 1963, 1991 àti 2006. A tẹ ọdún sí òpó `A`, a sì tẹ iye ènìyàn, ní mílíọ̀nù, sí òpó `B`: 30.4, 55.7, 89.0 àti 140.4. Nínú `Excel`, a yan àwòrán `Scatter`, lẹ́yìn náà `Add Trendline`, `Linear` àti `Display R-squared value on chart`. Ẹni tí kò bá fẹ́ ya àwòrán lè rí àbájáde kan náà báyìí:

```
=SLOPE(B2:B5,A2:A5)
=INTERCEPT(B2:B5,A2:A5)
=RSQ(B2:B5,A2:A5)
```

Ìlà tí ó jáde ni `y = 1.8937x - 3667.3`, R² rẹ̀ sì jẹ́ 0.9542. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlà náà ń fi bí 1.9 mílíọ̀nù ènìyàn kún iye ti tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí 0.9542 ti wá. Ìpíndọ́gba iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 78.875. Bí a bá wo bí iye kọ̀ọ̀kan ti jìnnà sí ìpíndọ́gba yìí, tí a fi àlàfo kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a sì ro wọ́n pọ̀, a ó ní bí 6,775. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àlàfo tí ó wà láàárín iye kọ̀ọ̀kan àti ìlà, a ó ní bí 310. Ìlà yìí ni ẹ̀rọ yàn nítorí pé kò sí ìlà títọ́ mìíràn tí àròpọ̀ tirẹ̀ lè kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín 310 sí ọ̀nà 6,775, tí a sì yọ èsì rẹ̀ kúrò lára 1, R² nìyẹn. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ní gbogbo ìṣirò yìí, kò sí ibi kankan tí a ti bi iye náà léèrè orísun rẹ̀.

Àṣìṣe kan wà tí ó fi èyí hàn kedere. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yan àwòrán `Line` dípò `Scatter`, ẹ̀rọ kò ní ka ọdún sí òǹkà nígbà tí ó bá ń fa ìlà. 1, 2, 3, 4 ni yóò lò dípò wọn. Ọdún 10 tí ó wà láàárín 1953 àti 1963 yóò wá bá ọdún 28 tí ó wà láàárín 1963 àti 1991 dọ́gba. Èyí kò tọ̀nà rárá, síbẹ̀ R² yóò gòkè láti 0.954 sí 0.974. Ẹni tí ó bá ń fi R² wá òtítọ́ yóò rò pé àṣìṣe ni ó sàn jù. Ohun tí ó máa ń tú àṣírí rẹ̀ ni iye tí ó ṣáájú `x` nínú ìlà náà: yóò di bí 36, bí ẹni pé mílíọ̀nù 36 ènìyàn ni ó ń kún orílẹ̀-èdè lọ́dọọdún.

3. Àwọn ìkànìyàn tí a wọ́gi lé

Iye ènìyàn ni a fi ń pín àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì wà lára ohun tí a fi ń pín owó ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà ni ìkànìyàn fi di ìjà. Ìkànìyàn 1962, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 45.3, dá àríyànjiyàn tí ó le sílẹ̀ láàárín àwọn ẹkùn. A pa á tì, a sì tún ènìyàn kà ní 1963. Ti 1973, tí ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé jáde ní 1974, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 79.8, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Mohammed fagi lé e ní 1975.

Kí ni ìlà wa sọ nípa méjèèjì, bí a kò tilẹ̀ lò wọ́n láti fi fà á? Àtẹ yìí fi hàn, ní mílíọ̀nù:

| Ọdún | Iye tí a kà | Iye orí ìlà | Àlàfo |
|---|---|---|---|
| 1953 | 30.4 | 31.1 | 0.7 |
| 1962 (a pa á tì) | 45.3 | 48.1 | 2.8 |
| 1963 | 55.7 | 50.0 | 5.7 |
| 1973 (a fagi lé e) | 79.8 | 68.9 | 10.9 |
| 1991 | 89.0 | 103.0 | 14.0 |
| 2006 | 140.4 | 131.4 | 9.0 |

Iye 1962 tí a pa tì súnmọ́ ìlà ju iye 1963 tí a gbà lọ. Iye 1973 tí a fagi lé súnmọ́ ọn ju ti 1991 tí a gbà lọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé èyí tí a fagi lé ni ó tọ̀nà, tàbí pé èyí tí a gbà ni ó burú. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ìlà kò lè dá ẹjọ́ náà. Iye tí a gbà ni a fi fa ìlà. Bí ìlà bá wá gbè wọ́n lẹ́yìn, ẹlẹ́rìí tí a fi owó ara wa bẹ̀ ni.

Bí a bá sì fa ìlà náà sẹ́yìn kọjá ibi tí àmì dé, ìtìjú rẹ̀ yóò hàn. Yóò kan òdo láàárín 1936 àti 1937. Ní 1931, ohun tí ìlà sọ ni pé iye ènìyàn Nàìjíríà fi mílíọ̀nù 10.6 dín sí òdo, bẹ́ẹ̀ ni ìkànìyàn ọdún náà gbé bí mílíọ̀nù 20 jáde.

4. Ìpadàsí Òkè-Ògùn

Kí wá ni ó lè ran òǹkọ̀tàn lọ́wọ́? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó ṣírò ìbísí ọdọọdún láàárín ìkànìyàn kan àti èkejì, kí ó tó fa ìlà rárá. Fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ìbísí náà jẹ́ bí 6.2 nínú 100 lọ́dún láti 1953 sí 1963. Ó wá já sí bí 1.7 títí di 1991. Ó tún gun orí 3.1 títí di 2006. Ìbí àti ikú kì í yí padà báyìí. Àlàfo àárín àwọn àmì ti sọ ohun tí R² bò mọ́lẹ̀: ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn iye náà kò pé tàbí ó lé.

Ìdánwò kan náà mú kí ti Ṣakí túbọ̀ ṣe kedere. Láti 23,000 dé 76,000 ní ọdún 11 jẹ́ ìbísí tí ó ju 11 nínú 100 lọ lọ́dún. Ti Ìsẹ́yìn jẹ́ bí 6. Ó rọrùn láti wá ìdí tí ó dùn gbọ́: ọ̀gbìn tábà, ọjà màlúù, àwọn àlejò tí ń wọlé láti apá àríwá. Ṣùgbọ́n kí a tó wá ìdí fún ìbísí, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ìbísí náà wáyé. Ní 1952, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìkànìyàn sí ètò owó orí, wọ́n sì sá fún un. Ní 1963, olúkúlùkù ti mọ̀ pé orí pípọ̀ ni àga àti owó. Ẹ̀wẹ̀, ilé àti oko ni ọmọ Òkè-Ògùn ń gbé: ẹni tí a kà sí abà ní ọdún kan lè jẹ́ ẹni tí a kà sí agbo ilé ní ọdún mìíràn. Nínú irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, ìlú yóò fẹ̀ lórí ìwé láìsí ẹni kan tí a bí tàbí tí ó ṣí wá.

Ẹni tí ó bá rò pé iye 2006 yóò fi àmì kẹta kún àwòrán gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ìjọba ìbílẹ̀ ni a tò iye ọdún náà sí. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn Ṣakí lé ní 250,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kì í ṣe ìlú: Adó-Àwáyè wà nínú ti Ìsẹ́yìn. Bí a bá to ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ sórí ìlà kan, àgbàdo àti ọkà bàbà ni a dà sínú igbá kan. R² yóò sì ga síbẹ̀.

Nǹkan ìkẹyìn ni ti ohun méjì tí ó ń bá ọdún rìn. Ní 1926, George Udny Yule fi hàn pé ìdá àwọn ìgbéyàwó tí a ṣe ní Ìjọ Áńgílíkà àti iye ikú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1866 sí 1911, bá ara wọn mu tó bẹ́ẹ̀ tí R² wọn yóò fi jẹ́ bí 0.9. Ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kò pa ẹnikẹ́ni. Méjèèjì ń lọ sílẹ̀ pọ̀ lákòókò kan náà ni. Ẹni tí ó bá fi iye ènìyàn Ṣakí sí ẹ̀gbẹ́ iye ilé-ẹ̀kọ́ tàbí gígùn ọ̀nà ọlọ́dà yóò bá irú rẹ̀ pàdé.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ìlà tí a fà gba àárín iye ènìyàn wúlò bí a bá mọ iṣẹ́ rẹ̀: ó ń fi ibi tí àlàfo wà hàn, àlàfo sì ni òǹkọ̀tàn gbọ́dọ̀ wádìí. Fún Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ẹ̀rí tí ó lè sọ bóyá ìlú fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí ìlọ́po kan àbọ̀ wà nínú ìwé owó orí, nínú ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, nínú ìtàn agbo ilé kọ̀ọ̀kan àti abà tí ó jẹ́ tirẹ̀. Títí a ó fi kó ìwọ̀nyí jọ, kò yẹ kí a kọ ọ́ sínú ìtàn pé Ṣakí di ìlọ́po mẹ́ta ní ọdún 11. Ohun tí a lè kọ ni pé iye tí a kà ní Ṣakí di ìlọ́po mẹ́ta.