Adìẹ Ń Làágùn: Níbo Ni Owó Ọlọ́jà Wà?

"Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún ẹni tí nǹkan le fún, ṣùgbọ́n tí ìrísí rẹ̀ kò jẹ́ kí ará ìta fura. Ó bá ọlọ́jà kan mu dáadáa: ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà, oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, síbẹ̀ ó ń wá ẹni tí yóò yá a lówó tí yóò fi gba ọjà tó ń bọ̀ lọ́la. Ọjà tó kún ilẹ̀ àti ìwé àwìn tó nípọn ni ìyẹ́ rẹ̀. Òógùn tó wà lábẹ́ wọn ṣeé ṣírò, ọjọ́ la sì fi ń ṣírò rẹ̀.

Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ìṣúná méjì ní Amẹ́ríkà, Richards àti Laughlin, kọ̀wé pé ẹni tó bá kàn fi ọjà àti àwìn tó wà níta wé gbèsè, tó sì sọ pé òwò náà lágbára, lè ṣìnà. Bí ọjà bá ṣe ń pọ̀ sí i nílẹ̀ láìtà ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ yóò máa sọ pé ara òwò ń le sí i, nígbà tó jẹ́ pé owó ló ń há sínú ọjà. Wọ́n ní ká ka ọjọ́ dípò rẹ̀: láti ọjọ́ tí owó ti kúrò lọ́wọ́ wa títí di ọjọ́ tó padà wọlé. Ohun mẹ́ta la ó kà. Àkọ́kọ́ ni iye ọjọ́ tí ọjà fi ń jókòó kó tó tà. Èkejì ni iye ọjọ́ tí oníbàárà fi ń jẹ wá lówó. Ẹ̀kẹta ni iye ọjọ́ tí ẹni tó ń kó ọjà fún wa fi ń ní sùúrù kó tó gba owó rẹ̀. A ó ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, a ó sì yọ ẹ̀kẹta kúrò. Iye tó bá kù ni ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fi owó ara wa, tàbí owó èlé, gbé òwò náà dúró.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Kabba ṣe àpẹẹrẹ. Ọbájánà, níbi tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì Dangote wà, kò jìnnà sí i lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Mo yan iye owó tí mo fẹ́ lò kí ìṣirò lè rọrùn. Ní oṣù kan ó ń ta ọjà mílíọ̀nù 9 náírà, èyí tó rà ní mílíọ̀nù 7.5. Èyí fi hàn pé ọjà tó ń tà lójúmọ́ jẹ́ 300,000 náírà, iye tó rà á sì jẹ́ 250,000. Ọjà mílíọ̀nù 10 ló wà nílẹ̀ ní iye tó rà á. Àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù 6. Òun náà jẹ àwọn tó ń kó ọjà fún un ní mílíọ̀nù 2.5.

Ẹ wá pín in. Mílíọ̀nù 10 tí a fi 250,000 pín jẹ́ ọjọ́ 40 fún ọjà. Mílíọ̀nù 6 tí a fi 300,000 pín jẹ́ ọjọ́ 20 fún àwìn oníbàárà. Mílíọ̀nù 2.5 tí a fi 250,000 pín jẹ́ ọjọ́ 10 fún àwìn tí òun gbà. Ogójì àti ogún jẹ́ ọgọ́ta. Bí a bá yọ mẹ́wàá, ó ku ọjọ́ 50. Owó tó gbọ́dọ̀ wà nínú òwò láti rìn ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ni 10 àti 6, tí a bá yọ 2.5 kúrò nínú wọn: mílíọ̀nù 13.5 náírà.

Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba náà lè jẹ́ ìyẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú ọjọ́ 40 yẹn palẹ̀. Símẹ́ǹtì tó ń tà lójúmọ́ jẹ́ 200,000 ní iye tó rà á, èyí tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 2: ọjọ́ 10 péré. Ìyẹn dára, nítorí símẹ́ǹtì kò fẹ́ pẹ́ nílé, pàápàá lákòókò òjò, tí ọ̀rinrin ń mú un di òkúta nínú àpò. Ìyókù, ìyẹn páànù, ìṣó, ọ̀dà àti táìlì, ń tà ní 50,000 lójúmọ́, mílíọ̀nù 8 ló sì wà nílẹ̀. Ọjọ́ 160 nìyẹn! Àwọn tó ń fún un ní páànù àti ọ̀dà ló ń fún un ní gbogbo àwìn mílíọ̀nù 2.5 náà, nítorí símẹ́ǹtì, kó tó rí i gbà, ó ti sanwó. Mílíọ̀nù 2.5 tí a fi 50,000 pín jẹ́ ọjọ́ 50. Ó gbọ́dọ̀ san gbèsè páànù ní ọjọ́ 50, ọjà náà yóò sì tà ní ọjọ́ 160. Owó símẹ́ǹtì ló ń lọ san gbèsè páànù. Ìdí nìyí tí owó tírélà símẹ́ǹtì fi ń wọ́n ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé símẹ́ǹtì ni ọjà rẹ̀ tó yá jù lọ.

Àwìn oníbàárà náà rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 20 dùn létí, ṣùgbọ́n bí agbaṣẹ́ṣe kan ṣoṣo bá di mílíọ̀nù 4 mú fún oṣù mẹ́ta, tí àwọn yòókù sì ń sanwó láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìpíndọ́gba kò ní sọ fún wa. Agbaṣẹ́ṣe yóò dé, yóò fi ọ̀yàyà kí i, "Òkun o, Ìyá. Tí ìjọba bá ti sanwó fún wa, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa gbà." Kí oníṣòwò tó fún un ní àpò kan sí i, kó ṣí ìwé àwìn, kó kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tí kò tíì pé oṣù kan, èyí tó ti pé oṣù kan sí méjì, àti èyí tó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó wà ní ìsọ̀rí kẹta kì í gba àwìn tuntun.

Kí ló wá lè ṣe? Bó bá dín páànù àti àwọn yòókù kù láti mílíọ̀nù 8 sí mílíọ̀nù 5, tó sì ń rà wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù dípò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, mílíọ̀nù 3 yóò jáde. Ọjọ́ 50 yóò di 38. Ó lè pàdánù oníbàárà tó fẹ́ irú páànù tí kò sí nílẹ̀, nítorí náà èyí tó ń tà díẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gé. Bó bá sì mọ̀ pé owó ọjà fẹ́ lọ sókè, ó lè kó o pamọ́, bí èrè tó ń retí bá ju èlé owó tó há sínú rẹ̀ lọ.

Àwìn tí òun alára ń gbà kì í ṣe ọ̀fẹ́ nígbà gbogbo. Bí olùpèsè bá ní ọjà tí a ó san mílíọ̀nù 1 fún lẹ́yìn oṣù kan jẹ́ 970,000 fún owó ọwọ́, iye owó sùúrù oṣù kan nìyẹn: 30,000 lórí 970,000, ó lé díẹ̀ ní ìdá 3 nínú 100 lóṣù, ó sì ń lọ sí ìdá 37 lọ́dún. Bí báńkì tàbí ẹsúsú bá lè fún un lówó ní iye tó kéré sí èyí, kó yá a, kó sì sanwó lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò ìkọ́lé, ìgbà náà ni ìṣòro máa ń gba ẹ̀yìn yọ. Ká ní títà lọ sókè ní ìdá 20 nínú 100, tí ọjọ́ rẹ̀ kò yí padà. Mílíọ̀nù 13.5 yóò di 16.2: ó nílò mílíọ̀nù 2.7 sí i. Èrè rẹ̀ lóṣù, kí ó tó san owó ilé àti owó alábàárù, yóò jẹ́ mílíọ̀nù 1.8 péré. Òwò tó ń gbòòrò yìí yóò jẹ èrè rẹ̀ tán, yóò sì tún wá owó sí i. Kí ó tó gba ọjà fún iṣẹ́ ńlá, kó kọ́kọ́ ṣírò ohun tí ọjọ́ rẹ̀ yóò ná an, kó wá pinnu ibi tí owó náà yóò ti wá: dídín ọjọ́ kù, fífi èrè sílẹ̀ nínú òwò, tàbí yíyá owó.