Bíà tí kò ní álíkọ́ọ̀lù

Bíà tí kò ní álíkọ́ọ̀lù, àti irú rẹ̀ tí álíkọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kéré, jẹ́ bíà tí wọ́n fi ọkà báálì, họ́ọ̀pù àti ìwúkàrà pọn, tí wọ́n wá yọ álíkọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò tàbí tí wọn kò jẹ́ kó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́ọ̀tì yàtọ̀ sí i, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìwúkàrà ṣiṣẹ́ nínú mọ́ọ̀tì.

Òfin kò ní kó jẹ́ òdo pátápátá níbi gbogbo. Ní Jámánì, bíà tó ní 0.5% ṣì lè jẹ́ orúkọ yìí. Ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2018 fi ààlà sí 0.05%, ó sì ka èyí tí kò ju 1.2% lọ sí bíà tí álíkọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré. Ààlà 0.5% ti Amẹ́ríkà ti wà láti ọdún 1919, nígbà tí òfin Fọ́lísítéèdì de ọtí, tí àwọn apọntí sì ń ta bíà tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìgò 33cl tó ní 0.5% ní álíkọ́ọ̀lù bíi mìlílítà 1.65. Ìgò ńlá 60cl ti bíà 5% ní mìlílítà 30, nítorí náà ó tó ìgò kékeré méjìdínlógún kí wọ́n tó dọ́gba.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló ń fi ara hàn nínú adùn rẹ̀. Álíkọ́ọ̀lù ń hó ní nǹkan bíi 78°C, ṣùgbọ́n bíà tí wọ́n gbé dé ibẹ̀ yóò máa dùn bí ohun tí wọ́n sè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àgbá, kí álíkọ́ọ̀lù lè jáde ní bíi 40°C. Òórùn dídùn bíà ń bá a jáde, wọ́n sì ń dá a padà lẹ́yìn náà. Àwọn mìíràn ń lo ìwúkàrà tí kò lè jẹ ṣúgà pàtàkì inú ọkà náà, tàbí kí wọ́n dá iṣẹ́ ìwúkàrà dúró láàárín ọ̀nà. Ṣúgà ń ṣẹ́kù nínú irú èyí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ka iye ṣúgà tó wà lára ìgò. Bí ìwúkàrà kò bá kú tán, ó lè tún jẹ ṣúgà yìí kí álíkọ́ọ̀lù sì pọ̀ sí i. Ìwádìí kan ní Kánádà ní 2010 yẹ ohun mímu 45 wò. 13 nínú wọn ní álíkọ́ọ̀lù ju èyí tí wọ́n kọ sára wọn lọ.

Ẹni tó ń lo oògùn dísọ́fírámù kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tó ní 0.5%. Fún ẹni tó ti jáwọ́ nínú ọtí, adùn àti òórùn nìkan lè tún ọkàn rẹ̀ ru. Ti aláboyún ṣì ní àríyànjiyàn nínú: ó jọ pé ìwọ̀n kékeré yìí kò lè ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n kan tí wọ́n ti fi hàn pé ó dájú fún ọmọ inú, àwọn dókítà mìíràn sì máa ń ní kó yẹra fún un. Bí ènìyàn bá mu ún púpọ̀, àyẹ̀wò ìtọ̀ tí ń wá àmì álíkọ́ọ̀lù lè mú un, bí kò tilẹ̀ yó.