Ohun Tó Ń Mú Kí Lẹ́tà Máa Fà Lójú Ẹlòmíì

Ẹnì kan gbé ìwé ìròyìn dání, ó ń wo lẹ́tà "E". Ìlà tó dúró lóòró hàn sí i ketekete, àmọ́ ìlà mẹ́ta tó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ra wọn, àfi bíi pé wọ́n fi ìka pa yíǹkì wọn kó tó gbẹ. Tó bá jẹ́ "Ẹ" ni, àmì abẹ́ rẹ̀ á ti fà dé ara lẹ́tà náà. Ohun táwọn dókítà ojú ń pè ní ásítígímátísìmù nìyẹn. Kì í ṣe àrùn tó ń ràn, bí ojú ṣe rí ló fà á.

Kọ́níà ni awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú. Tó bá rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá yóò pàdé lójú kan lẹ́yìn ẹyinjú. Ṣùgbọ́n tàwọn mìíràn dà bí ẹ̀gbẹ́ ẹyin adìẹ tí wọ́n fi dùbúlẹ̀: ó tẹ̀ gan-an láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ìmọ́lẹ̀ kò ní í lè pàdé lójú kan mọ́, ni àwòrán bá ń fà sókè sódò.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé àyẹ̀wò irú ojú bẹ́ẹ̀:

0.00 / -1.50 x 180

Òdo yẹn ń sọ pé ọ̀nà kan nínú ojú náà kò nílò ìrànlọ́wọ́. -1.50 ni agbára tí ọ̀nà kejì nílò, 180 sì ni dígírì tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé awò náà sí. Òkè sí ìsàlẹ̀ nìkan ni awò yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ibí yìí lowó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò, nítorí agbára awò ìkàwé tí wọ́n ń kiri lójú títì dọ́gba yíká. Lẹ́tà lè tóbi, yóò ṣì máa fà.

Férémù ló ń di awò ojú mú kó má yí. Kọ́ńtáàtì lẹ́ǹsì kò ní férémù, orí omijé ló wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe èyí tó ń jẹ́ tọ́ríìkì. Ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn ju òkè lọ, ìpéǹpéjú á sì máa tì í padà sáyè rẹ̀ nígbàkígbà téèyàn bá ṣẹ́jú. Tó bá fi dígírì 10 péré yí, nǹkan bí ìdá mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ. Tó bá tó 30, kò yàtọ̀ sí pé kò sí lójú. Ẹni tó bá ń ríran kedere, tó tún ń ṣú bó ṣe ń ṣẹ́jú, kó fura pé ó ń yí. Dókítà yóò wo àmì kékeré tó wà lára rẹ̀, yóò sì yí dígírì inú ìwé padà tàbí kó fún un ní oríṣi mìíràn.

Àmọ́ bí kọ́níà bá rí gbágungbàgun, tọ́ríìkì tó rọ̀ kì í sábà tó o. Lẹ́ǹsì líle ni wọ́n máa ń lò fún irú ojú bẹ́ẹ̀.