Ẹjọ́ tí kò tíì parí àti gáráńtì nínú ìwé ìṣirò owó

Bí ọdún ìṣirò bá parí tí ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣì wà níwájú adájọ́, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí akáúńtáǹtì lè gbà. Ó lè ka ẹjọ́ náà sí gbèsè, kó sì yọ iye rẹ̀ kúrò lára èrè ọdún yẹn. Owó ìyàsílẹ̀ ni a ó máa pe èyí níhìn-ín. Ó lè má fọwọ́ kan èrè, kó kàn ròyìn ẹjọ́ náà ní abala àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé. Ó sì lè má sọ nǹkan kan rárá. Ìlànà tó ń sọ èyí tó tọ́ ni IAS 37, tó jáde ní 1998, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń ra ìpín wọn lọ́jà ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà sì ti ń tẹ̀ lé láti 2012. Ìjọba ní ìlànà tirẹ̀ tó jọ ọ́, IPSAS 19. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè kan náà ló wà níwájú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá l'Ékòó àti olùtọ́jú owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, ìpínlẹ̀ Kwara, bí kọngílá kan bá pe ìjọba náà lẹ́jọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní láti wò ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ọdún tó parí. Ṣé ohun náà ti sọ ilé-iṣẹ́ di onígbèsè? Bí ó bá ti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ṣé ó jọ pé owó yóò jáde lọ́wọ́ wọn ju pé kò ní jáde lọ? Bí ó bá jọ bẹ́ẹ̀, ṣé wọ́n lè díwọ̀n iye rẹ̀ lọ́nà tó ṣeé gbára lé? Bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mú owó ìyàsílẹ̀ wá. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ṣeé ṣe ni, àlàyé ẹ̀yìn ìwé ló kù. Bí ó bá sì jìnnà réré sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀, wọn kò ní kọ nǹkan kan. Ìbéèrè nípa iye owó kì í sábà yọ ilé-iṣẹ́ kúrò nínú owó ìyàsílẹ̀, nítorí ìlànà náà gbà pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí gbèsè wà kí a má lè fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun kò yà owó sílẹ̀ torí pé òun kò mọ iye tí adájọ́ máa dá, àwáwí ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ MTN ló fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù lọ ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹwàá 2015, àjọ NCC bu ìtanràn tírílíọ̀nù 1.04 náírà lé e nítorí mílíọ̀nù 5.2 síìmù tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ tó péye, 200,000 náírà lórí síìmù kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù Kejìlá, wọ́n dín in kù sí bílíọ̀nù 780. MTN gba kóòtù lọ ní Èkó, ó ní NCC kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bu irú ìtanràn bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọdún parí sí. Lóòótọ́, ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn síìmù náà ti wà, lẹ́tà ìtanràn sì ti dé kí oṣù Kejìlá tó tán. Ní oṣù kejì 2016, MTN san bílíọ̀nù 50 náírà, ó sì fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn kí àwọn méjèèjì lè jókòó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń sanwó tó sì ń dúnàádúrà kò lè sọ pé kò jọ pé owó máa jáde. Nítorí náà, nínú ìwé ọdún 2015 tí ilé-iṣẹ́ òbí rẹ̀ ní Jóhánẹ́sbọ̀gì gbé jáde ní oṣù kẹta 2016, wọ́n ya bíi bílíọ̀nù 9.3 ráńdì sílẹ̀.

Iye yẹn kéré sí bílíọ̀nù 780 náírà púpọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìlànà ń béèrè ni iye tó dára jù tí ilé-iṣẹ́ lè fojú díwọ̀n, kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹni tó ń pè é lẹ́jọ́ kọ sínú lẹ́tà. Ní oṣù kẹfà 2016, wọ́n fẹnu kò sí bílíọ̀nù 330 náírà, sísan díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ká ní àdéhùn yìí ti wáyé kí àwọn olùdarí tó fọwọ́ sí ìwé 2015 ni, wọn ìbá tún iye inú ìwé náà ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé ti jáde. Ìyàtọ̀ náà wá bọ́ sí ọdún 2016, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí MTN pàdánù lọ́dún yẹn.

Wò ó bí ti 2018 ṣe yàtọ̀. Olórí agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní MTN jẹ owó ibodè àti owó orí tó tó bílíọ̀nù méjì dọ́là. MTN ní òun ti san ohun tó yẹ, ó sì pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù gíga àpapọ̀ l'Ékòó. Bílíọ̀nù méjì dọ́là ju bílíọ̀nù 330 náírà lọ fíìfíì, síbẹ̀ ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ti ròyìn rẹ̀, wọn kò ya kọ́bọ̀ sílẹ̀. Títóbi gbèsè kọ́ ló ń ṣe ìpinnu. Ohun tó ṣe ìpinnu ni pé, nínú ìdájọ́ àwọn olùdarí àti àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ kò fi hàn pé gbèsè ọ̀hún wà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2020, ìjọba fa ìbéèrè náà sẹ́yìn.

Gáráńtì gba ọ̀nà mìíràn. Ká ní alágbẹ̀dẹ òde òní kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, ó sì ń ṣe gáráńtì ọdún kan. Ní òpin ọdún, gáráńtì ṣì wà lórí 80 ẹ̀rọ. Bí ó bá mú àwọn oníbàárà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó jọ pé yóò dá ẹ̀rọ padà, yóò sì wù ú láti sọ pé òun kò jẹ nǹkan kan. Àṣìṣe ni. Ìlànà ní kó wo gbogbo wọn pọ̀, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àwọn kan á dé. Ìwé àtúnṣe rẹ̀ àtẹ̀yìnwá fi hàn pé nínú 80, 60 kì í ní wàhálà, 16 máa ń fẹ́ bẹ́líìtì àti bèárìn tó ń náni 15,000 náírà, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin sì máa ń fẹ́ àtúnṣe 120,000. Mẹ́rìndínlógún yẹn jẹ́ 240,000, mẹ́rin yẹn jẹ́ 480,000, owó ìyàsílẹ̀ sì di 720,000 náírà. Ìdí tó fi jẹ́ gbèsè ọdún yìí ni pé ọdún yìí ló ta ẹ̀rọ, títà yẹn ló sì so ó mọ́ àdéhùn.

Bí ẹ̀rọ kan bá wá gé ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n sì pe alágbẹ̀dẹ náà lẹ́jọ́, kò gbọdọ̀ fi kún ìṣirò yẹn. Ẹjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn, àbájáde tó jọ pé yóò ṣẹlẹ̀ jù ló máa fi díwọ̀n rẹ̀, lẹ́tà agbẹjọ́rò rẹ̀ ló sì yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "a máa jàre" kò tó. Ó yẹ kí agbẹjọ́rò sọ ìdí, iye tí àwọn kóòtù ti ń dá lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, àti bóyá ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀ láti parí rẹ̀ lẹ́yìn kóòtù.

Ibi tí ọ̀díítọ̀ ti máa ń rí jìbìtì ni ọdún tí èrè pọ̀. Olùdarí á ya 2,000,000 sílẹ̀ fún gáráńtì tí kò ju 720,000 lọ, kí ó lè dá ìyókù padà sínú èrè lọ́dún tí ọjà bá kú. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n fi kọ IAS 37 nìyẹn: owó tí a yà fún gáráńtì, inú gáráńtì nìkan ló lè bá lọ. Ọ̀nà tó rọrùn láti dá a mọ̀ ni kí ọ̀díítọ̀ to iye tí wọ́n yà sílẹ̀ lọ́dọọdún sí ẹ̀gbẹ́ iye tí wọ́n ná gan-an lórí àtúnṣe. Bí àlàfo àárín wọn bá ń fẹ̀ sí i nígbà tí iye ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà kò yí padà, kí ó béèrè ìwé àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.