Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Tí Àsíá Kò Dé Ṣóńṣó Òpó

Aago mẹ́fà àárọ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ní Èkìtì, ilẹ̀ sì tutù rinrin. Rédíò aládùúgbò wa kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì: òní, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje ọdún 2025, ìsinmi ni káàkiri Nàìjíríà, nítorí pé wọn yóò sin Muhammadu Buhari, ààrẹ àná, ní Dàúrá. Mo ti gbọ́ ọ láti àná, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí létí dáadáa. Mo ti ṣèlérí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé lónìí ni n ó bá a gba ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ ní sẹkitéríàtì, èyí tí iléèwé gíga ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọ̀fọ̀ ọlọ́jọ́ méje ni wọ́n kéde, kì í ṣe ìsinmi ọlọ́jọ́ méje. Wọ́n á kàn fa àsíá wálẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ.

Ẹnu tèmi náà ni mo fi pa ara mi. Ìkéde méjì ló jáde, mo sì ti gbá méjèèjì pọ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo.

Aago méje. Mo kí Tíṣà níwájú ilé rẹ̀, òun ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀ fún mi. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá, ni Buhari kú sí ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Kò pẹ́ tí àtẹ̀jáde láti ọ́fíìsì Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi jáde: ó rán igbákejì rẹ̀, Kashim Shettima, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá òkú náà bọ̀ wálé, ó sì pàṣẹ pé kí gbogbo àsíá orílẹ̀-èdè sọ̀ dé ìdajì òpó fún ọjọ́ méje, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà gan-an. Àṣẹ yìí kò ti ilẹ̀kùn kankan. Àsíá nìkan ló bá wí.

Ọjọ́ Ajé ni èkejì dé, láti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, níbi tí Olúbùnmi Túnjí-Òjó ti jẹ́ mínísítà. Òun ló sọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun di ìsinmi. Òfin tí wọ́n gùn lé ni Òfin Ọjọ́ Ìsinmi, tó to àwọn ọjọ́ tí a mọ̀ sílẹ̀, Kérésìmesì, ọjọ́ Òmìnira, Iléyá àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì fún ààrẹ lágbára láti fi ọjọ́ mìíràn kún un nígbà tó bá rí i pé ó yẹ. Gómìnà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tirẹ̀, bí Ọ̀ṣun ṣe ń ṣe fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe lóṣù Kẹjọ.

“Kò sí ibi tí òfin yẹn ti dárúkọ ọ̀fọ̀,” ni Tíṣà wí. “Iye ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ yóò gbà, ẹnu ààrẹ ló ti ń jáde. Ìsinmi ló ní ìwé.”

Mo ní ṣé n kò wá ní lọ mọ́. Ó ní kí n lọ wò ó, àwọn kan máa ń wà níbẹ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Ọlọ́kadà gbé mi dé ẹnu géètì. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì gbogbo wà ní títì, àfi bàbá olùṣọ́ kan tó ń so okùn àsíá. Àsíá náà ti ṣá lára. Ó tú u, ó so ó mọ́ okùn, ó fà á dé àárín òpó, ó sì so okùn náà mọ́ ìdí òpó. Ó dúró, ó gbé ojú sókè, ó tún un so kó lè bọ́ sí àárín gan-an.

Mo kí i, mo béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní wọ́n pe òun lórí fóònù ní ọjọ́ Ajé pé kí òun má jẹ̀ẹ́ kó dé òkè. Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọn á kọ́kọ́ fa àsíá dé ṣóńṣó òpó, á dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọn á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìdajì. Nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pátápátá, á tún gòkè dé ṣóńṣó kó tó wálẹ̀. N kò sọ fún un. Ẹni tó wá sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, kò yẹ kí àlejò máa kọ́ ọ ní iṣẹ́.

Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́rú. Ọ̀ga tó ń buwọ́ lu ìwé kò ní yọjú lónìí.

Aago mẹ́wàá. Ọ̀nà ni mo ti rí ibi tí ìsinmi náà dé, àti ibi tí kò dé. Báǹkì ti sé, àwọn iléèwé dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń sun àgbàdo wà níbi iná rẹ̀, èéfín ń bò ó lójú. Vulkanáísà ń lẹ táyà. Ọmọbìnrin oní-pí-ó-ẹ̀sì ní èrò ju ti ọjọ́ mìíràn lọ, nítorí pé báǹkì kò ṣí. Àwọn tó ń ta iṣu tuntun tò ó sẹ́bàá ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń tò ó lóṣù Keje.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá alágbàdo bóyá ó mọ̀ pé ìlú ń ṣọ̀fọ̀. Ó ní òun gbọ́. “Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìjọba kò ra àgbàdo mi.”

Ọ̀sán gangan. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ wa nìyí. Bí ọba bá wàjà níhìn-ín, ọjà la máa ń tì. Àwọn àgbà kò kọ́kọ́ wá ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì lọ. Ọjà ni ilé ayé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ dorí kodò: fáìlì ni wọ́n tì, ọjà ń ná. Òṣìṣẹ́ ló ń sinmi, alágbàtà kò gbọ́ ti ẹnìkan.

Tíṣà ní ohun kan tó ń dun òun tipẹ́ nípa ọ̀fọ̀ ìjọba. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé pa ọba méjì lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, Oníìmòjò àti Ẹlẹ́sùn, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ìrìn àjò. Gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́ ọ. Kò sí àṣẹ láti Àbújá pé kí àsíá sọ̀. Mo ní bóyá torí pé ọ̀fọ̀ orílẹ̀-èdè kò ní òṣùwọ̀n ni. Ẹni tó ń kéde ló ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tí Umaru Yar'Adua kú lórí oyè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, Goodluck Jonathan kéde ọjọ́ méje, ó sì fún ìlú ní ìsinmi ọjọ́ kan. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Dánà já sí Èkó ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2012, tí kò sí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó yè, ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀fọ̀ náà. Nígbà tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kú ní ọdún 2022, ọjọ́ méjì ni àsíá wa fi sọ̀. Ní Tógò, ikú Eyadéma ní ọdún 2005 gba oṣù méjì.

“Ìpò olóògbé ni wọ́n ń wọ̀n,” ni Tíṣà wí. “Yar'Adua àti Buhari, ìje ni.”

Aago méjì. Aago yìí ni wọ́n dá pé ìsìnkú náà yóò wáyé ní Dàúrá. A jókòó ti tẹlifíṣọ̀n Tíṣà, jẹnerétọ̀ ń kígbe lẹ́yìn ilé. Òkú náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé bọ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Katsina, Tinúbú sì wà níbẹ̀ láti gbà á, àwọn ológun tò sẹ́gbẹ̀ẹ́. A rí pósí náà tí wọ́n fi àsíá bò, àwọ̀ ewéko àti funfun kan náà tí bàbá olùṣọ́ so sí ìdajì òpó láàárọ̀.

Ẹnìkan nínú wa ní kí ló dé tí wọn kò sin ín ní ọjọ́ Àìkú náà gan-an, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ mùsùlùmí. Òkè òkun ló kú sí. Ìwé ikú, ìwé ìrìnnà òkú, ọkọ̀ òfurufú, gbogbo rẹ̀ ló gba ọjọ́. Ìdí nìyí tí ìsinmi náà fi bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun: òkú ni wọ́n ń dúró dè. Ká ní ilé ló kú sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ajé ni.

Aago márùn-ún kọjá. Wọ́n ti kírun sí i lára ní Dàúrá, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé rẹ̀, níbi tí wọ́n sin ín sí. Epo jẹnerétọ̀ tán kó tó parí. Rédíò la fi gbọ́ ìyókù.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ: ọjọ́ wo ni ọ̀fọ̀ náà yóò parí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fa fóònù yọ, ó fi méje kún mẹ́tàlá, ó ní ogúnjọ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí kò bá ka ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn, kò mọ ìṣirò Yorùbá. Ó fi ìka kà á: Àìkú kan, Ajé méjì, Ìṣẹ́gun mẹ́ta, Ọjọ́rú mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀ márùn-ún, Ẹtì mẹ́fà, Àbámẹ́ta méje. Ọjọ́ kọkàndínlógún. Àṣẹ Àbújá ní “bẹ̀rẹ̀ láti òní,” ọ̀nà tí àwọn àgbà fi ń ka ìje ló sì bá a mu.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú méje náà. Ní ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kí àṣẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fa okùn. Ní Àbámẹ́ta, kò sí ẹni tó ń wá sí sẹkitéríàtì. Ọjọ́ márùn-ún péré ni àsíá tiwa fi ṣọ̀fọ̀ lójú èèyàn.

Aago mọ́kànlá alẹ́. Wákàtí kan ló kù kí ìsinmi náà parí. Lọ́la, báǹkì á ṣí, iléèwé á wọlé, àsíá yóò sì wà ní ìdajì síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lóòótọ́: ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ jókòó ní Àbújá ní ìrántí olóògbé, Tinúbú sì kéde níbẹ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n yóò fi pe Yunifásítì Maiduguri. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, inú ọ̀fọ̀ ni wọ́n sì wà.

Ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ náà kò bọ́ sí wa lọ́wọ́ títí di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kọkànlélógún. Nígbà tí mo dé géètì, àsíá ṣì wà ní ìdajì òpó. Mo sọ fún bàbá olùṣọ́ pé ìje ti pé láti Àbámẹ́ta. Ó wò mí, ó wo òpó, ó ní wọ́n pe òun nígbà tí wọ́n fẹ́ kó sọ̀, kò tíì sẹ́ni tó pe òun pé kó gòkè.