Ìṣirò ìgòkè owó agbára

Ìṣirò ìgòkè owó agbára jẹ́ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé àti onímọ̀-ẹ̀rọ ń gbà díye lé epo àti iná mànàmáná nínú iṣẹ́ tí yóò pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí wọ́n bá retí pé owó agbára yóò máa yára gòkè ju owó àwọn ọjà yòókù lọ. Bí a bá fi ìdá ọ̀wọ́n-gógó kan ṣoṣo ṣírò gbogbo ìnáwó iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun èlò tí ó wọ́n ní rírà ṣùgbọ́n tí kì í jẹ epo yóò dà bí èyí tí kò lérè.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àjọ NIST máa ń tẹ tábìlì irú ìgòkè yìí jáde lọ́dọọdún fún àwọn ilé ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ya agbègbè kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, wọ́n sì ya iná mànàmáná sọ́tọ̀ sí gáàsì àti epo, nítorí pé owó wọn kì í gòkè bákan náà.

Ìgòkè ojúlówó

Ìgòkè àfojúrí ni èyí tí a rí lórí ìwé owó iná láti ọdún dé ọdún. Ìgòkè ojúlówó ni èyí tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ̀wọ́n-gógó gbogbogbò kúrò nínú rẹ̀. Pípín ni a fi ń yọ ọ́, kì í ṣe àyọkúrò:

```
e = (1 + n) / (1 + f) - 1
```

Níbí, `n` ni ìgòkè àfojúrí, `f` ni ọ̀wọ́n-gógó gbogbogbò, `e` sì ni ìgòkè ojúlówó. Bí owó iná bá ń fi ìdá 15.5 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dún, tí ọ̀wọ́n-gógó sì jẹ́ ìdá 10, ìgòkè ojúlówó jẹ́ ìdá 5 gééré. Ẹni tí ó bá yọ 10 kúrò nínú 15.5 yóò rí 5.5, àṣìṣe náà yóò sì máa pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Àpẹẹrẹ

Kí a gbà pé ilé-ìwé kan ń san mílíọ̀nù 1 náírà lọ́dún fún iná tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ń lò, ní iye owó òní. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ agbára oòrùn rọ́pò rẹ̀. Mílíọ̀nù 12 náírà ni ìyẹn yóò ná wọn fún 20 ọdún, pẹ̀lú àtúnṣe, ní iye owó òní. Owó tí a ó san lọ́jọ́ iwájú kò tó owó òní ní iye, nítorí náà a ó fi ìdá ẹ̀dínwó, `d`, dín in kù. Ìdá 8 ojúlówó ni a lò níhìn-ín.

```
PV = C × Σ ((1 + e) / (1 + d))^t,   t = 1 ... 20
```

Bí a bá gbà pé owó iná kò yára ju ọ̀wọ́n-gógó lọ, `e` jẹ́ 0, iná 20 ọdún yóò sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.82. Agbára oòrùn wọ́n jù ú lọ. Bí `e` bá jẹ́ ìdá 5, iná yóò di mílíọ̀nù 15.08, agbára oòrùn yóò sì dín in ní mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀. Ìdá 5 yìí nìkan ni ó yí ìpinnu padà.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Àṣìṣe tí ó burú jù ni dída iye ojúlówó pọ̀ mọ́ iye àfojúrí. Bí a bá lo ìgòkè àfojúrí 15.5 pẹ̀lú ẹ̀dínwó ojúlówó 8, a ó rí mílíọ̀nù 43.6, nítorí pé a ka ọ̀wọ́n-gógó mọ́ ìgòkè láìkà á mọ́ ẹ̀dínwó. Bí a bá yí i padà, tí a lo ìgòkè ojúlówó 5 pẹ̀lú ẹ̀dínwó àfojúrí 18.8, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 7.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà. Kí a ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, kí a kọ́kọ́ lo ojúlówó pẹ̀lú ojúlówó, lẹ́yìn náà àfojúrí pẹ̀lú àfojúrí. Ìdáhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, 1.05 tí a fi 1.08 pín àti 1.155 tí a fi 1.188 pín jẹ́ iye kan náà, nítorí náà mílíọ̀nù 15.08 ni méjèèjì yóò fún wa. Bí wọn kò bá bára mu, a ti da iye méjì pọ̀ níbì kan.

Ààlà ọ̀nà yìí

Ìgòkè ìdá 5 tí kò dáwọ́ dúró yóò sọ owó iná di ìlọ́po 2.65 ní 20 ọdún, yóò sì sọ ọ́ di ìlọ́po 11 àti ààbọ̀ ní 50 ọdún, ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn ọjà yòókù. Kí owó tó dé ibẹ̀, àwọn ènìyàn yóò ti dín ìlò wọn kù tàbí kí wọ́n ti wá agbára mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi lè dá ìgòkè náà dúró lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nínú ìṣirò, kí `e` padà sí 0.

Bákan náà, owó agbára kì í fìgbà gbogbo gòkè ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà Ìpele A fò láti bíi náírà 68 sí náírà 225 fún ìwọ̀n kílówáàtì-wákàtí kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbi tí ìjọba bá ti ń san owó ìrànwọ́ lórí agbára, iye tí a rí lánàá kò lè sọ iye tí yóò wà lẹ́yìn tí ìrànwọ́ bá kúrò. Níbẹ̀, ó dára kí a ṣírò ìfò kan ní ọdún tí a yàn, kí a sì tún un ṣe pẹ̀lú ọdún mìíràn, láti mọ̀ bóyá ìpinnu náà ṣì dúró.